Ẹni tí kò gbà àti ẹni tí kò dìbò: ibi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, mo sì ti rí i pé kì í ṣe ìpàdé tí ariwo ti pọ̀ ló máa ń le jù láti kọ sílẹ̀. Èyí tó le jù ni ìpàdé tí àwọn tó pọ̀ jù ti gba àbá kan wọlé, tí ẹni méjì ní àwọn kò fara mọ́ ọn, tí ẹlòmíràn sì ní òun kò ní dìbò rárá. Ẹni tó bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí ìgbìmọ̀ pinnu, iye àwọn tó fọwọ́ sí i, iye àwọn tí kò fọwọ́ sí i, àti ìdí tí àwọn wọ̀nyí sọ pé ó mú kí àwọn kọ̀. Kò sì yẹ kó jẹ́ pé ojú ewé mẹ́fà ni yóò kà kí ó tó rí i.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí akọ̀wé kọ ọ́ pé “lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjíròrò, ìgbìmọ̀ gba àbá náà wọlé,” kí ó sì fi mọ síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ti pa àwọn tí kò gbà rẹ́, bí ẹni pé wọn kò wá sípàdé. Èkejì ni kí akọ̀wé tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ẹ̀sùn ojúsàájú kan òun máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu jáde: alàgbà yìí ní, alàgbà yẹn fèsì, ìyá kan tún dìde. Ó jọ òdodo, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdodo, nítorí kò sí akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ẹnu ènìyàn mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì sọ tirẹ̀ ní ṣókí yóò dà bí ẹni tí kò ní ìdí kankan. Nínú ìlànà ìpàdé tí ọ̀gá ológun ọmọ Amẹ́ríkà nì, Henry Martyn Robert, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1876, tí wọ́n ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ìpàdé ṣe ni akọ̀wé ń kọ, kì í ṣe ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Mo gba ìlànà yìí tọkàntọkàn, mo sì gbà pé kíkọ̀ láti fọwọ́ sí ìpinnu, àti kíkọ̀ láti dìbò, wà lára ohun tí a ṣe nínú ìpàdé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀ràn kan tó máa ń wáyé nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa ṣàlàyé. Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́sàn-án jókòó, gbogbo wọn sì pé. Akápò dá àbá pé kí ẹ̀yáwó tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbà kúrò ní ìlọ́po méjì owó ìpamọ́ rẹ̀, kí ó di ìlọ́po mẹ́ta. Wọ́n sọ ọ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹni márùn-ún fara mọ́ ọn, ẹni méjì kò fara mọ́ ọn, ẹni méjì kò sì dìbò. Nínú àwọn tí kò dìbò, ọ̀kan jẹ́ ìyá kan tí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tirẹ̀ wà níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èkejì jẹ́ bàbá àgbà kan tó ní ìwé ìṣirò owó kò tẹ òun lọ́wọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, òun kò sì ní dìbò lórí ohun tí òun kò kà.

Ohun tó yẹ kí akọ̀wé kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ nípa bí a ṣe ń ka ìbò, nítorí ibẹ̀ ni àìdìbò ti lè di ohun ńlá. Ká ní òfin sọ pé irú àyípadà yìí gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ta ni? Bí òfin bá ní ti àwọn tó dìbò, ènìyàn méje ló dìbò, márùn-ún nínú méje sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, àbá wọlé. Bí òfin bá ní ti àwọn tó wà níjòkòó, mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nínú mẹ́sàn-án. Márùn-ún kò tó, àbá ṣubú. Ìbò kan náà, yàrá kan náà, èsì méjì. Akọ̀wé tó kọ “5 sí 2” nìkan ti gba ohun tí ẹni tó ń yẹ ìwé wò yóò fi mọ̀ bóyá ìpinnu náà bá òfin mu kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, iye àwọn tó wà níjòkòó nígbà ìbò, iye àwọn tó gbà, iye àwọn tí kò gbà àti iye àwọn tí kò dìbò ni mo máa ń kọ, mo sì máa ń ro mẹ́ta tó kẹ́yìn pọ̀ kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Bí àpapọ̀ wọn kò bá bá iye tó wà níjòkòó mu, ẹnì kan wà tí a kò kà, mo sì ń sọ fún alága lójú ẹsẹ̀ kí a tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹni tó bá rò pé àlàyé yìí ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ kékeré lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014. Wọ́n dìbò lórí àbá tó fẹ́ kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ Palẹsitáínì tó gbà, kí ó sì ṣe é kí ọdún 2017 tó parí. Orílẹ̀-èdè 8 gbà, 2 kọ̀, 5 kò dìbò, Nàìjíríà sì wà lára àwọn 5 yẹn. Ìbò 9 ló gbọ́dọ̀ pé nínú ìgbìmọ̀ ẹni 15 náà, nítorí náà àbá ṣubú. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà wà lára àwọn méjì tó kọ̀, agbára tó ní láti fi ìbò rẹ̀ nìkan pa àbá ì bá sì ti dá àbá náà dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ dé ibẹ̀: ìbò kan péré ló kù kí ó pé 9, àwọn márùn-ún tí kò dìbò kò sì fún un ní ọ̀kan yẹn. Nínú Àpéjọ Gbogboogbò àjọ kan náà, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá nìkan ni wọ́n ń kà, ẹni tí kò dìbò kì í wọ inú ìṣirò. Bí ilé méjì nínú àjọ kan bá lè máa fi ojú tó yàtọ̀ síra wo àìdìbò, akọ̀wé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ rò pé òun ti mọ ọ̀nà tí ẹgbẹ́ òun ń gbà kà á láìṣí ìwé òfin wò.

Lẹ́yìn iye ni irú. Ìyá tó ní fọ́ọ̀mù lórí tábìlì àti bàbá tí kò rí ìwé ìṣirò kò ṣe ohun kan náà, bí a bá sì kó wọn pọ̀ sínú gbólóhùn “ẹni méjì kò dìbò,” a kò ṣe dáadáa sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyá yẹn yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ nítorí pé ó kàn án. Ohun tó dára ni pé kí ó jáde kúrò nínú yàrá kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ aago tó jáde àti aago tó padà wọlé. Bí ó bá ti jáde, mẹ́jọ ló wà níjòkòó nígbà ìbò, kì í ṣe mẹ́sàn-án mọ́, a sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá iye tó ṣẹ́ kù ṣì tó iye tí òfin ní kó pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu. Bàbá ní tirẹ̀ wà níjòkòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yàn láti má dìbò. Ẹlòmíràn tún wà tó lè jáde lọ gba ìpè lórí fóònù ní kété tí ìbò bẹ̀rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ ni a óò kọ nípa rẹ̀, a kò ní sọ ọ́ di ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́.

Dídákẹ́ gan-an ló ń fẹ́ ọgbọ́n jù láàárín wa. Àgbàlagbà kan lè sọ pé, “Mo gbọ́ o,” tàbí “Ẹ ṣe é bí ó bá ṣe tọ́ lójú yín,” kí ó sì wo ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ọ̀dọ́ máa ń ka ìyẹn sí pé ó gbà, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ máa da ìbéèrè bo àgbà. Ó lè jẹ́ pé kò gbà rárá, tí kò kàn fẹ́ dójú ti akápò ní gbangba. Akọ̀wé kò láṣẹ láti túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan tó ní ọ̀wọ̀ nínú ti tó: “Ẹ má bínú, bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ fara mọ́ ọn ni, àbí kí n kọ ọ́ pé ẹ kò dìbò?” Èmi kò tíì rí àgbà tó bínú sí ìbéèrè yìí. Wọ́n máa ń dáhùn kíákíá, àwọn kan a sì sọ pé, “Kọ ọ́ pé n kò dìbò, má kọ ìdí.” Ohun tí a ó kọ nìyẹn, láìfi nǹkan kan kún un. Ẹni tí kò dìbò kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, àfi bí òfin ẹgbẹ́ bá ní kó ṣàlàyé, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ọ̀ràn tó kàn án ló yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ibí yìí náà ni gbólóhùn “ní ìfohùnṣọ̀kan” ti máa ń kó akọ̀wé sí wàhálà. Bí ẹni mẹ́jọ bá wà níjòkòó, tí méje gbà, tí ọ̀kan kò sì dìbò, kò sí ẹni tó takò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló fohùn sí i. “Láìsí alátakò” ni mo máa ń kọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń pa “ní ìfohùnṣọ̀kan” mọ́ fún ọjọ́ tí gbogbo ẹni tó wà níjòkòó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́.

Ó wá ku àwọn méjì tí kò fara mọ́ àbá náà. Ní ti orúkọ, iye nìkan ló yẹ kí a kọ, àyàfi bí ẹni náà bá ní kí a kọ orúkọ òun, tàbí bí òfin bá ní kí a pe orúkọ olúkúlùkù nígbà ìbò. Bí ó bá jẹ́ ìbò bòńkẹ́lẹ́, a kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹnì kan bá ń sọ ọ́ kiri lẹ́yìn ìpàdé pé òun kò fọwọ́ sí i, nítorí pé nínú ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́sàn-án, orúkọ ẹnì kan tí a bá kọ yóò jẹ́ kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí àwọn yòókù dìbò sí.

Ní ti ìdí, gbólóhùn kan ni mo máa ń fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ tán, méjì. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni pé kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, mo máa ń bi ẹni tí kò gbà pé, “Gbólóhùn wo lẹ fẹ́ kí n kọ?” Ó sọ ọ́, mo kọ ọ́, mo kà á sókè sí etí gbogbo ìgbìmọ̀, ó sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú máa ń rí i fúnra rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló ń dun òun, àwọn ìyókù jẹ́ ìdáhùn sí ohun tí ẹlòmíràn sọ. Ká ní ìyá yẹn jáde bó ti yẹ, tí òfin ẹgbẹ́ sì ní ti àwọn tó dìbò ni kí a kà, bí àkọsílẹ̀ àbá akápò yóò ṣe rí nìyí:

“Àbá kẹrin: Kí ẹ̀yáwó tí ọmọ ẹgbẹ́ lè gbà kúrò ní ìlọ́po méjì owó ìpamọ́ rẹ̀, kí ó di ìlọ́po mẹ́ta. Akápò ló dá a, igbá-kejì alága ló kín in lẹ́yìn. Akápò sọ pé èyí kò ní jẹ́ kí àwọn oníṣòwò inú ẹgbẹ́ máa lọ yá owó elé gọbọi níta. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí ìbéèrè ẹ̀yáwó rẹ̀ wà níwájú ìgbìmọ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò, ó jáde ní aago 4:10, ó sì padà wọlé ní aago 5:15 lẹ́yìn ìbò. Àwọn tó wà níjòkòó nígbà ìbò: 8. Wọ́n fara mọ́ ọn: 5. Wọn kò fara mọ́ ọn: 2. Kò dìbò: 1. Àwọn méjì tí kò fara mọ́ ọn ní kí a kọ ọ́ pé owó tó wà nílẹ̀ kò tíì ká ẹ̀yáwó tí àwọn ènìyàn ti béèrè tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò dìbò sọ pé ìwé ìṣirò owó kò tẹ òun lọ́wọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìpinnu: àbá wọlé pẹ̀lú ìbò 5 nínú 7 tí a dì.”

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú yàrá, akápò fèsì fún àwọn méjì yẹn pé owó púpọ̀ ń bọ̀ wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀kan nínú wọn sì dá a lóhùn pé ohun tí wọ́n sọ ní èṣín nìyẹn. Bí mo bá kọ èsì akápò, mo ti fún un ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí mo bá wá fẹ́ ṣe déédéé, mo gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sí èsì náà, lẹ́yìn náà èsì sí ìdáhùn, ibẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ ti ń di ìwé àríyànjiyàn. Ìdí ìhà kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Èsì kì í wọlé. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà yìí: bí ẹni tí kò gbà bá sọ pé ìbò náà lòdì sí òfin ẹgbẹ́, tí alága sì ṣe ìdájọ́ lórí rẹ̀, mo máa ń kọ ẹ̀sùn náà, ìdájọ́ alága àti ìdí tí alága fi lélẹ̀, nítorí ìdájọ́ alága jẹ́ ohun tí ìpàdé ṣe, ó sì lè jẹ́ òun ni wọn yóò wá wò nígbà tó bá yá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń ṣojúsàájú ju bí a ti rò lọ. Akọ̀wé tó kọ ọ́ pé akápò “ṣàlàyé” ṣùgbọ́n pé àwọn méjì “fárígá” ti dá ẹjọ́ láìmọ̀. “Ó sọ pé” ni kí a lò fún ẹni gbogbo. Bákan náà ni iye àti ìwọ̀n: bí ìdí akápò bá gba ìlà kan, tí ìdí àwọn tí kò gbà gba ìlà mẹ́rin, tàbí bí ó bá jẹ́ òdìkejì, mo máa ń padà sórí rẹ̀ títí wọn yóò fi súnmọ́ ara wọn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó mọ̀ bóyá akọ̀wé ṣojúsàájú nìyẹn.

Ẹlòmíràn yóò wà tí gbólóhùn kan kò lè tẹ́ lọ́rùn, ó sì lè ní ẹ̀tọ́. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì fún akọ̀wé kí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá tó pé. A ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àkọsílẹ̀, inú àkọsílẹ̀ a ó sì kọ ọ́ pé ìwé èrò ẹni báyìí wà ní àfikún. Ohun tí ilé ẹjọ́ wa gíga jù ń ṣe nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, nínú ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari, àwọn adájọ́ méje jókòó lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kò fara mọ́ ìdájọ́, ó sì kọ ìdí rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó borí ni wọ́n bá a kọ ọ́. Obaseki ní tirẹ̀ fara mọ́ ibi tí ẹjọ́ parí sí, ṣùgbọ́n kò fara mọ́ ọ̀nà tí àwọn yòókù gbà ka ìdá náà. Irú rẹ̀ máa ń wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú: ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Lára àwọn tó gbà ni kí a kà á sí, kí a sì fún un ní gbólóhùn kan bí ó bá béèrè. Bí a bá kọ ọ́ sí àárín, kò ní sí nínú iye kankan.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì nìkan ni èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí òfin ilé-iṣẹ́ wọn tẹ̀lé àwòkọ́ṣe kan náà, olùdarí tó bá wà nípàdé ni wọn yóò kà sí ẹni tó fọwọ́ sí ìpinnu, àyàfi bí ó bá ti takò ṣíṣe ìpàdé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí bí àìfaramọ́ rẹ̀ tàbí àìdìbò rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀, tàbí bí ó bá kọ ìwé sí alága kí ìpàdé tó túká, tàbí sí ilé-iṣẹ́ ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti dìbò bẹ́ẹ̀ ni kò ní àǹfààní yẹn mọ́. Ìlà kan tí akọ̀wé fò lè sọ ẹni tó kọ̀ di ẹni tó gbà, kí wọ́n sì wá béèrè gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni a ti ń ka àkọsílẹ̀ kí a tó tẹ́wọ́ gbà á, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń fẹ́ tún ìbò dì. Ká ní owó ẹ̀yáwó bẹ̀rẹ̀ sí í há, tí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó gbà wá sọ pé kí a kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí kò gbà, nítorí ọkàn òun kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìbéèrè tí a ó bi í kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni ìwé yìí sọ? Bí mo bá ka iye ṣì, a ó fa ìlà kan sórí èyí tí kò tọ́, lọ́nà tí a ṣì fi lè kà á, a ó kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, alága yóò sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ya ìwé tí mo kọ́kọ́ fi kọ ọ́ nínú yàrá dànù kí alága tó fọwọ́ sí àkọsílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ẹni náà ló yí, àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá kò ní yí tẹ̀ lé e. Ó lè dá àbá tuntun pé kí a padà sí ìlọ́po méjì, èmi yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ti ọjọ́ náà pé òun ló dá a, iye tó gbà, iye tí kò gbà, àti iye tí kò dìbò.